Iye tí mo ń rí fún àpapọ̀ àmì básíkẹ́ẹ̀tì máa ń ga ju láìnì ilé tẹ́tẹ́ lọ: níbo ni àṣìṣe wà?

Ọmọ Páńṣẹ́kẹ́

Mo kí gbogbo yín, tàgbà tèwe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni mo ti ń ṣírò àpapọ̀ àmì eré NBA fúnra mi, tí mo sì ń fi ohun tí mo bá rí wé láìnì tí ilé tẹ́tẹ́ gbé jáde, ìyẹn iye àmì tí wọ́n fojú sùn pé eré yóò parí sí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé iye tèmi kì í sábà wà nísàlẹ̀ tiwọn. Bí mo bá ṣírò eré mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò ní kí n mú ófà, pé àmì yóò ju láìnì lọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń tó àmì 6 sí 9. Bí ìṣirò yìí bá tọ̀nà, ó yẹ kí n ti máa jẹ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ka tíkẹ́ẹ̀tì mi, èyí tó wọlé àti èyí tó já fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré kan tí mo ta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣàlàyé. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti alátìlẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ wá iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gba bọ́ọ̀lù lọ kọlu èkejì nínú eré kan, mo ń pè é ní ìkọlù. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é láti inú àkọsílẹ̀ eré:

```
FGA + 0.5*FTA - ORB + TOV
```

Ẹgbẹ́ onílé máa ń ju bọ́ọ̀lù sí agbọ̀n ní ìgbà 88, ó ń gba fíríì-tíróò 24, ó ń gba ríbáòǹdì iwájú 10, ó sì ń sọ bọ́ọ̀lù nù ní ìgbà 14. Èyí fún mi ní ìkọlù 104. Ti àlejò jẹ́ 90, 20, 11 àti 13, ó sì fún mi ní 102. Mo mú àárín wọn, ó jẹ́ 103.

Lẹ́yìn náà, mo lọ wo iye àmì tí wọ́n ń rí nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù lórí ìkànnì kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Onílé ń rí 116, wọ́n sì ń rí 115 lára rẹ̀. Àlejò ń rí 113, wọ́n sì ń rí 112 lára rẹ̀. Àròpín gbogbo líìgì lórí ìkànnì náà jẹ́ 114. Mo ro agbára onílé pọ̀ mọ́ ohun tí àlejò ń fàyè gbà, mo sì yọ 114 kúrò: 116 + 112 − 114, ó jẹ́ 114. Mo ṣe ti àlejò bákan náà: 113 + 115 − 114, òun náà jẹ́ 114. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 228 nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù. Nígbà tí mo sọ ọ́ di ti ìkọlù 103, mo rí 234.8. Láìnì ilé tẹ́tẹ́ jẹ́ 227.5, ọ́ọ̀dì ófà àti ọ́ńdà sì jẹ́ 1.90 ní ẹgbẹ́ méjèèjì. Mo mú ófà, eré náà parí sí 231, mo sì jẹ. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Àbúrò Láfẹ́nwá

Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé àárín tí ẹ mú ló kó bá yín. Ẹgbẹ́ tó bá lọ́ra ló ń darí eré, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fipá mú un láti sáré bí òun kò bá fẹ́. Bí ó bá di bọ́ọ̀lù mú títí ìṣẹ́jú-àáyá 24 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹni tó yára kò rí nǹkan ṣe sí i. Nítorí náà, iye ẹgbẹ́ tó lọ́ra ni ẹ gbọ́dọ̀ lò, ìyẹn 102. Iye yín yóò sì lọ sílẹ̀ sí 232.6.

Ọmọ Páńṣẹ́kẹ́

O ṣeun, àbúrò. Ṣùgbọ́n bí mo bá lo 102, mo ṣì fi àmì 5 ju láìnì lọ. Àti pé gbogbo eré ló ń ṣẹlẹ̀ sí, títí kan èyí tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń yára bákan náà, níbi tí kò ti sí olọ́ra kankan láti tẹ̀ lé.

Kóòṣì Kútọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní básíkẹ́ẹ̀tì nítòsí pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá ní Kútọ̀, níbi tí Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ti wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ohun tó ń ṣe yín ti ṣe mí rí. Ìṣẹ́jú ló fà á. Ẹ ti gbàgbé pé ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń gbá, ìlàrin mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 10. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń ṣírò eré BAL, ìyẹn líìgì ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, mo mú ìkọlù 99 tí mo rí nínú àkọsílẹ̀ NBA. Mo rò pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò rí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù, ni mo bá rí 198. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wo ìwé mi bi mí léèrè bóyá ọjọ́ méjì ni wọn yóò fi gbá eré náà.

Onísirò Òkè-Mọ́sàn

Kóòṣì, mo kí yín. NBA ni ẹni tó béèrè ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú 48 ni wọ́n sì ń gbá níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ ni àṣìṣe tirẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ fi nǹkan kan hàn. Àmì tí ẹgbẹ́ ń rí nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù kò ní í ṣe pẹ̀lú ìṣẹ́jú rárá. Iye ìkọlù nìkan ni aago ń mú. Bí ẹ bá ti yí 99 padà sí ti ìṣẹ́jú 40, ẹ ó rí 82.5, 198 yín ì bá sì ti di 165.

Ọmọ Páńṣẹ́kẹ́, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ́. Bí ènìyàn bá wọn aṣọ mẹ́wàá tí mẹ́sàn-án gùn ju ohun tí oníṣòwò sọ lọ, ọ̀pá ìwọ̀n tirẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìṣirò tó dára yóò ga ju láìnì nígbà mìíràn, yóò sì kéré sí i nígbà mìíràn. Èyí tó bá ń fì sí apá kan ṣoṣo ní ohun kan nínú tí ń gbé e sókè, ohun náà sì wà nínú gbogbo eré.

Ìdánwò kan wà tí kò gba àkókò. Mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, má ì tíì dá sí alátakò rẹ̀. O ní onílé ń ní ìkọlù 104, ó sì ń rí àmì 116 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlọ́po wọn fún wa ní 120.6. Ó yẹ kí iye yìí jẹ́ àròpín àmì tí ẹgbẹ́ náà ń rí nínú eré kan ní tòótọ́. Lọ wo ojú ìwé wọn, kí o sọ ohun tí o rí fún wa.

Ọmọ Páńṣẹ́kẹ́

Mo ti wò ó, bọ̀dá. 116 ni, nínú ìṣẹ́jú 48. Mo tún ṣe ti àlejò: 102 pẹ̀lú 113 yẹ kó fún mi ní 115.3, ṣùgbọ́n 110.7 ni wọ́n ń rí. Àwọn méjèèjì ló fi 4.6 lé. Bí mo bá ro ó pọ̀, àmì 9 ni mo ti fi kún eré náà kí n tó bẹ̀rẹ̀!

Onísirò Òkè-Mọ́sàn

Ibẹ̀ gan-an ni. Ọ̀pá méjì ni o fi wọn aṣọ kan. Ìkọlù, ìwọ lo ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ. Àmì nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù, ìkànnì ló ṣírò rẹ̀. Ìkọlù 104 tìrẹ kì í ṣe ìkọlù tí ìkànnì ń kà. Lójú tiwọn, ẹgbẹ́ onílé ní 100 péré, àlejò sì ní 98.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí ìyàtọ̀ náà ti ń wọlé. O mú ìdajì fíríì-tíróò nítorí pé méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń fúnni, ó sì dà bí ẹni pé méjì jẹ́ ìkọlù kan. Ṣùgbọ́n ro ti ẹni tó fò sókè, tó ju bọ́ọ̀lù wọlé, tí wọ́n sì gbá a lápá bó ti ń jù ú. Wọn yóò fún un ní fíríì-tíróò kan lé e lórí. O ti ka ìkọlù yẹn nígbà tí o ka jíjù rẹ̀ sí FGA, ìdajì tí o tún kà fún fíríì-tíróò náà jẹ́ èlé. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nígbà tó ń jù láti ẹ̀yìn ìlà mẹ́ta yóò gba mẹ́ta nínú ìkọlù kan, ìwọ sì kà á sí ọ̀kan àbọ̀. Èyí tí wọ́n ń fúnni nítorí ìwà àìtọ́ kò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwọ ṣì ka ìdajì. Nítorí èyí ni àwọn tó ti jókòó ti eré NBA fi ń lo 0.44 dípò 0.5. Fún onílé tó ń gba 24, ìyàtọ̀ yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkọlù kan àbọ̀.

Ríbáòǹdì ló fa èyí tó kù. Ìwọ yọ 10 bí ó ti wà. Àwọn ìkànnì mìíràn a máa wo iye bọ́ọ̀lù tí kò wọlé àti ìpín tí ẹgbẹ́ ń gbà padà nínú rẹ̀, wọn a sì tún fi díẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń yọ. Basketball Reference ń ṣe bẹ́ẹ̀, 0.4 ni wọ́n sì ń lò fún fíríì-tíróò. Ojú ìwé NBA fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Nítorí náà, má ṣe gba péèsì, ìyẹn iye ìkọlù inú eré kan, ní ibì kan kí o lọ gba agbára ìkọlù, ìyẹn àmì inú ọgọ́rùn-ún ìkọlù, ní ibòmíràn, kódà bí àwọn méjèèjì bá gbajúmọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ni pé 0.5 tàbí 0.44 kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pá kan náà lo fi wọn gbogbo rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ lé 104 tìrẹ, pín 116 sí i: ẹgbẹ́ náà ń rí 111.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù rẹ. Ìkọlù pọ̀ sí i, àmì inú rẹ̀ dín kù, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Àfi kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ líìgì náà, kí àròpín 114 yẹn náà lè di tìrẹ.

Àbúrò Láfẹ́nwá, ọ̀rọ̀ rẹ ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Olọ́ra ń fa eré sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n alátakò rẹ̀ náà kì í lo gbogbo aago nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Wo àwọn méjì tó lọ́ra, 96 àti 97, nínú líìgì tí àròpín rẹ̀ jẹ́ 99. Èyí tó lọ́ra jù yóò fún ọ ní 96. Ṣùgbọ́n 96 yẹn wá láti inú eré tó bá àwọn tó yára jù ú lọ gbá. Bí ó bá pàdé olọ́ra bíi tirẹ̀, eré náà yóò tún lọ sílẹ̀ sí i. Ro wọn pọ̀ kí o yọ 99: ó di 94. Ìyàtọ̀ ìkọlù méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àmì 5.

Nínú eré ti Ọmọ Páńṣẹ́kẹ́, 100 + 98 − 99 jẹ́ 99. Sọ 228 di ti ìkọlù 99, wàá rí 225.7. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ àmì 7 sókè ti di bí àmì 2 sísàlẹ̀.

Ọmọ Páńṣẹ́kẹ́

Bọ̀dá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó wá túmọ̀ sí pé ọ́ńdà ló yẹ kí n mú. Ófà tí mo mú tí mo sì jẹ, orí ló bá mi ṣe é.

Àìsùn Adátán

Ẹ má tíì sáré mú ọ́ńdà. Iṣẹ́ ọdẹ ni mo ń ṣe, mo sì ń wo àwọn eré yìí títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Péèsì tí ìkànnì kọ jẹ́ ti ìṣẹ́jú 48, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ yín kò parí ní ìṣẹ́jú 48. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ta ọ̀mì, wọn yóò fi ìṣẹ́jú 5 kún un, àwọn ilé tẹ́tẹ́ sì sábà máa ń ka àmì inú àfikún náà mọ́ àpapọ̀. Ẹ rántí eré Detroit Pistons àti Denver Nuggets ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Nígbà tí àkókò pé, 145 sí 145 ni. Lẹ́yìn àfikún mẹ́ta, ó di 186 sí 184. Àmì 80 ló wá láti inú àfikún nìkan, àpapọ̀ 370 yẹn ni ó sì ga jù nínú ìtàn NBA títí di òní.

Nínú eré 100, nǹkan bíi 6 ló ń wọ àfikún. Àfikún kan ń mú àmì 20 àti díẹ̀ wá. Bí ẹ bá tú u ká sórí gbogbo eré, ó jẹ́ bíi 1.3. Ẹ fi kún 225.7, ó di 227. Láìnì jẹ́ 227.5. Kí ló kù?

Onísirò Òkè-Mọ́sàn

Mo gbà pé ó yẹ kí a fi nǹkan kún un, mo sì fojú fo ó. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó tó 1.3. Àfikún kì í pín ara rẹ̀ káàkiri gbogbo eré. Nínú eré 94, kò fi nǹkan kan kún un, nínú 6, ó fi 20 àti díẹ̀ kún un. Àròpín yóò gòkè ní 1.3 lóòótọ́, ṣùgbọ́n láìnì ń béèrè ibi tí ìdajì àwọn eré yóò wà lókè, tí ìdajì yóò wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ kì í gbéra tó bẹ́ẹ̀. Èmi a máa fi bí ìdajì àmì kún un.

Àìsùn Adátán

Èmi ṣì ń fi àmì kan kún un, pàápàá bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá sún mọ́ra ní agbára, nítorí pé irú wọn ló ń ta ọ̀mì. Bí onílé bá fi àmì 13 ju àlejò lọ lójú ilé tẹ́tẹ́, n kì í fi nǹkan kan kún un.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà. Òpó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: iye tí mo ṣírò, láìnì tí mo bá ní ilé tẹ́tẹ́, àti iye tí eré parí sí. Ọmọ mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní ìṣirò náà, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo sì ń lò, nítorí náà tèmi kì í fì sí apá kan. Ìbéèrè mi yàtọ̀ díẹ̀. Bí iye mi bá yàtọ̀ sí ti ilé tẹ́tẹ́ pẹ̀lú àmì 4, ṣé ó tó láti ná owó lé? Eré 60 ni mo ti kọ sílẹ̀ báyìí.

Onísirò Òkè-Mọ́sàn

Ẹ kú àárọ̀, ìyá wa. Ọ́ọ̀dì ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ 1.90, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ ní ìgbà 52.6 nínú 100 kí owó yín tó dúró síbi tó wà. Bí ilé tẹ́tẹ́ kejì bá gbé láìnì kan náà jáde ní 1.80, ó di 55.6. Nítorí náà, ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ ọ́ọ̀dì láàárín ṣọ́ọ̀bù kan àti èkejì ní Sàpọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí eré ṣe ń yapa kúrò lára láìnì. Ní NBA, ìwọ̀n ìyapa náà wà ní agbègbè àmì 18. Nínú eré mẹ́ta, méjì yóò bọ́ sáàárín 18 sókè àti 18 sísàlẹ̀, ẹyọ kan yóò jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wo àmì 4 yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ 18, ẹ ó rí i pé ó kéré. Síbẹ̀, bí gbogbo 4 náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ óò jẹ ní nǹkan bí ìgbà 59 nínú 100, èyí sì dára gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé gbogbo rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó gbé láìnì jáde ti mọ péèsì, ó ti mọ agbára ìkọlù, ó sì tún mọ ẹni tó farapa, ẹni tó gbá eré lánàá àti ẹni tí kóòṣì fẹ́ sinmi. Bí iye yín bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, apá púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà jẹ́ ohun tó mọ̀ tí ẹ kò mọ̀. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ òótọ́. Àmì 4 yín ti di 1, ìgbà 52.2 nínú 100 ni ẹ óò máa jẹ, ẹ óò sì máa pàdánù díẹ̀díẹ̀ lórí 1.90 bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá tó tọ́ lẹ wà.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin ni tèmi, tàbí ìdajì?

Onísirò Òkè-Mọ́sàn

Ìwé yín yóò sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú eré 60. Ẹ mú gbogbo eré tí iye yín fi tó àmì 4 ju láìnì lọ. Ẹ yọ láìnì kúrò nínú iye tí eré kọ̀ọ̀kan parí sí, kí ẹ sì wá àròpín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2, ìdajì ni tiyín. Bí ó bá jẹ́ 1, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àròpín eré 60 fúnra rẹ̀ lè ṣì wá sókè tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì 2.3, kò sì lè fi 1 hàn yàtọ̀ sí òdo. Nígbà tí ó bá tó eré 400, ìṣìnà náà yóò ti sún mọ́ 0.9. Àní nígbà náà pàápàá, ẹ óò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìmọ́lẹ̀ ni.

Àìsùn Adátán

Ẹ fi òpó kẹrin kún ìwé yín, ìyá. Ẹ kọ ibi tí láìnì parí sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà òtútù wọn lọ́hùn-ún, eré agogo méje alẹ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo kan òru níbí. Bí ẹ bá mú ófà 227.5 nígbà tí ẹ ń ti ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí láìnì sì wà ní 229.5 nígbà tí eré ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ti rí ohun tí ẹ rí. Bí ó bá di 225.5, wọ́n ti rí ohun tí ẹ kò rí. Èyí ń sọ̀rọ̀ kíákíá ju iye tí eré parí sí lọ, nítorí pé kò sí ìyapa 18 nínú rẹ̀. Mo ti rí i lóru tí láìnì fi àmì 5 ṣubú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò pẹ́ tí orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ eré jáde, ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù fún wọn kò sì sí níbẹ̀.

Àbúrò Láfẹ́nwá

Nígbà yẹn, ṣé kí n yọ àmì tí ẹni náà máa ń rí kúrò nínú àpapọ̀? Bí ó bá ń rí 25, kí n yọ 25?

Kóòṣì Kútọ̀

Rárá o, àbúrò. Ẹlòmíràn ni yóò ju bọ́ọ̀lù tí kò sí níbẹ̀ láti jù. Bọ́ọ̀lù kò ní dúró dè é. Ohun tí ó yí padà ni bí jíjù náà ṣe dára tó, àti nígbà mìíràn, bí wọ́n ṣe ń yára tó. Mo ti rí i láàárín àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pé bí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbé jùlọ bá jókòó, àwọn tó kù máa ń dẹ́rù ba ara wọn, wọ́n á di bọ́ọ̀lù mú pẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń ṣọ́ abẹ́ agbọ̀n ni kò sí, àpapọ̀ lè gòkè dípò kó ṣubú.

Mo tún fẹ́ bi Onísirò léèrè nípa BAL. Mo ti yí i sí ìṣẹ́jú 40, ó ti dára sí i, ṣùgbọ́n láìnì àti iye mi ṣì ń jìnnà síra wọn.

Onísirò Òkè-Mọ́sàn

82.5 tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan jẹ́ NBA tí a gé kúrú, kì í ṣe BAL. Ẹ ka ìkọlù láti inú àkọsílẹ̀ eré BAL fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà ìgbá wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní sáà 2024, tí Rivers Hoopers gba ipò kẹta, eré 6 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní ìpele ìsọ̀rí. Ohun tí eré 6 lè sọ nípa péèsì ẹgbẹ́ kan kéré gan-an. Èmi a máa fà á padà sí àròpín gbogbo ìdíje náà, ó kéré tán dé ìdajì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní ẹ̀rí tí mo lè fi sọ pé wọ́n ṣì í.

Ọmọ Páńṣẹ́kẹ́

Mo ti padà sórí gbogbo eré tí mo kọ sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, mo sì tún wọn ṣe pẹ̀lú péèsì àti agbára ìkọlù láti ojú ìwé kan náà. Eré 31 ni. Iye mi ga ju láìnì lọ nínú 14, ó kéré sí i nínú 17. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ wọn tó àmì 4, mo sì mọ ìdí méjì nínú wọn báyìí: ẹnìkan kò gbá ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìkànnì kò sì mọ̀.

Ti eré tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, yálà mo fi ìdajì àmì kún un gẹ́gẹ́ bí Bọ̀dá Onísirò ṣe sọ, tàbí 1.3, ìyàtọ̀ mi sí 227.5 kò tó 1.5. Kò sí ohun tó yẹ kí n mú níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ófà, ìbáà jẹ́ ọ́ńdà. Ẹyọ kan tó kù nínú àwọn mẹ́ta yẹn ni n kò tíì rí ìdí rẹ̀. Eré kejì lálẹ́ méjì tẹ̀léra ni fún àlejò, láìnì sì fi àmì 5 wà nísàlẹ̀ tèmi. Ṣé àárẹ̀ ń dín ìkọlù kù ni, tàbí ó ń ba jíjù jẹ́, àbí ó ń ba ìdáàbòbò jẹ́ tí àmì á fi pọ̀ sí i? Ẹni tó bá ti kà á nínú ìwé tirẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́.

Àìsùn Adátán

Nínú èyí tí mo ń wò, ẹsẹ̀ wọn máa ń wúwo ní ìlàrin kẹrin, jíjù láti ọ̀nà jíjìn á máa kúrú, á máa kan etí agbọ̀n níwájú. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Láti alẹ́ òní ni màá ti bẹ̀rẹ̀.